Kí Ni Wákàtí Wa Kan Tọ́ Kí A Tó Dá Iye Lé Odindi Iṣẹ́?

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka)

A kò ní dá yín dúró pẹ́. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ àdáṣe ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe é ní ọjọ́ Sátidé, àwọn tí wọ́n ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ sì ń fi jẹun lójoojúmọ́.

Nígbà tí a bá wà nínú ilé-iṣẹ́, ẹlòmíràn ni í ṣírò iye tí wákàtí wa tọ́. Bí kò bá dára, a óò jókòó sí tábìlì, a óò jà á. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí oníbàárà bá dúró níwájú wa tí ó ní, “Ọ̀gá, eélòó lẹ ó gbà?”, àwa fúnra wa ni agbanisíṣẹ́, àwa náà sì ni òṣìṣẹ́. Iye tí ó bá ti ẹnu wa jáde lọ́jọ́ náà ni owó oṣù wa. Púpọ̀ nínú wa kò sì ní ìdí kan tí a fi ń pe iye tí a ń pè, ju pé bí aládùúgbò ṣe ń gbà á nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ géètì kan

Ẹnì kan wà nínú wa tí ó ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní ẹ̀ka àtúnṣe ẹ̀rọ fún ọdún 18. Nígbà tí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, òun náà gba ìwé. Owó oṣù rẹ̀ nígbà náà jẹ́ ₦150,000. Ó fi owó tí wọ́n fún un ra ẹ̀rọ ìjórin àti jẹnẹrétọ̀, ó háyà ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá títì, iṣẹ́ sì ń wọlé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó wá bá wa. Ó ní, “Iṣẹ́ kò wọ́n mi láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ gbèsè ni mo jẹ. Ṣé àwọn oníbàárà ló ń rẹ́ mi jẹ ni, àbí èmi ni mo ń rẹ́ ara mi jẹ?”

A ní kí ó mú iṣẹ́ kan wá, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mú géètì kan wá, géètì onílẹ̀kùn méjì fún ilé tuntun. Odindi iṣẹ́ ni ó dá iye lé: ₦250,000, irin àti iṣẹ́ ọwọ́ lápapọ̀. Ó ti bu ₦210,000 fún irin, ọ̀dà àti àwọn ohun èlò yòókù. Ó rò pé wákàtí 40 ni òun yóò fi ṣe é, ó sì ka wákàtí kọ̀ọ̀kan sí ₦1,000. Ìyẹn jẹ́ ₦40,000. A bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀ pé ₦1,000 tó. Ó ní owó oṣù òun ní ilé-iṣẹ́, bí a bá pín in sí wákàtí, kò tó ₦900, nítorí náà òun ti fi èrè lé e.

Wàyí o, ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe lọ. Kí oníbàárà tó san owó àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, irin ti gbówó lórí, ohun èlò sì di ₦222,000. Iná kò dúró, ó ra epo sí jẹnẹrétọ̀ ní ₦9,000. Nígbà tí iṣẹ́ dé àárín, oníbàárà ní òun fẹ́ ilẹ̀kùn kékeré lára géètì náà kí àwọn ọmọ lè máa gbà á wọlé. Ó ṣe é, kò béèrè owó. Nígbà tí wọ́n gbé géètì dé ibẹ̀, òpó tí bíríkìlà mọ kò dúró ṣánṣán, wọ́n ní láti gé e, kí wọ́n sì tún un jó. Wákàtí 40 di 58.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ẹ mú ₦250,000, ẹ yọ ₦222,000 ohun èlò àti ₦9,000 epo kúrò. Ó ku ₦19,000. Ẹ pín in sí wákàtí 58. Kò tó ₦330 fún wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ òfin owó oṣù tí ó kéré jù, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024, sọ pé ₦70,000 ni. Bí a bá pín ìyẹn sí wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kan, ó ju ₦400 lọ fún wákàtí kan. Ọ̀gá wẹ́dà tí ó ní ọdún 18 lórí iṣẹ́, tí ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù, gba owó tí kò tó ti ẹni tí ó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. A kò sì tíì yọ owó ṣọ́ọ̀bù.

Ta ni ó ru ẹrù àkókò?

Ọ̀nà méjì ni a fi ń gba owó iṣẹ́ àdáṣe. Èkíní ni owó wákàtí tàbí owó ọjọ́: bí iṣẹ́ bá ṣe pẹ́ tó ni owó yóò ṣe pọ̀ tó. Èkejì ni owó odindi iṣẹ́, èyí tí àwọn ará wa ń pè ní kọ́ngílá: a ti sọ iye kan, iṣẹ́ ìbáà pẹ́, ìbáà yá, iye náà ni.

Ìbéèrè tí ó pín àwọn méjèèjì níyà ni èyí: bí iṣẹ́ bá pẹ́ ju bí a ti rò lọ, ta ni yóò san án? Nínú owó wákàtí, oníbàárà ni. Nínú owó odindi, àwa ni. Nítorí náà, nígbà tí a bá gba iṣẹ́ lódindi, ohun méjì ni a tà: a ta iṣẹ́ ọwọ́ wa, a sì ta ìdánilójú fún oníbàárà pé owó rẹ̀ kò ní lé sí i. Ìdánilójú yẹn ní iye tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi í fún oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́ ti fi apá kan ọjà rẹ̀ ṣe sàráà.

Ẹ̀yin awakọ̀ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Dílífà tí ẹ ń dá fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́, owó odindi ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni ó ti ń jáde. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ìbáà wà, òjò ìbáà rọ̀, ọlọ́kọ̀ yóò gba tirẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ru ẹrù àkókò. Bákan náà ni awakọ̀ tírélà tí wọ́n ń san owó fún ní tíríìpù. Bí wọ́n bá fún un ní ₦40,000 fún tíríìpù tí ó rò pé yóò gba ọjọ́ méjì, tí a sì ka wákàtí mẹ́wàá sí ọjọ́ kan, ₦2,000 ni wákàtí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá lo ọjọ́ mẹ́fà lórí ìlà ní ẹnu ọ̀nà èbúté, bí ọ̀pọ̀ yín ti ṣe ní Àpápá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètò ìpè orí ẹ̀rọ ní ọdún 2021, wákàtí kan ti di ₦500. Awakọ̀ náà kò yípadà, ọkọ̀ náà kò yípadà. Ìlà ọkọ̀ ló jẹ ìyókù.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gba iṣẹ́ lódindi. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí kò mọ iye wákàtí rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ lódindi kí ó sì mọ ibi tí èrè wà. Owó wákàtí ni ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì, kódà bí oníbàárà kò bá ní gbọ́ ọ lẹ́nu wa láéláé.

Bí a ṣe ń wá iye wákàtí tí ó kéré jù

Àṣìṣe ẹlẹgbẹ́ wa ni pé ó mú owó oṣù rẹ̀ àtijọ́, ó pín in sí gbogbo wákàtí tí ó fi ṣiṣẹ́. ₦150,000 fún oṣù 12 jẹ́ ₦1,800,000. Wákàtí 40 fún ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ 2,080. Bí a bá pín in, ₦865 ni. Ìṣirò náà péye fún ẹni tí ó wà nínú ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni.

Ìpele kìíní: kí ni a gbọ́dọ̀ mú lọ sílé lọ́dún? Ó ní òun kò béèrè ju èyí tí òun ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ni ₦1,800,000. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wà ní ilé-iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ń fi owó tirẹ̀ kún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Òfin ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 10 nínú 100, kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8. Ìdá 10 yẹn kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni dókítà ilé-iṣẹ́ kò sí mọ́. A fi ₦20,000 lóṣù rọ́pò àwọn méjèèjì: ₦15,000 fún ọjọ́ ogbó, ₦5,000 fún àìsàn. Ìyẹn jẹ́ ₦240,000 lọ́dún.

Ìpele kejì: kí ni ṣọ́ọ̀bù ń jẹ lọ́dún, bí iṣẹ́ wà tàbí kò sí? A jókòó, a kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí:

Háyà ṣọ́ọ̀bù: ₦180,000
Tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀ àti owó ẹgbẹ́: ₦60,000
Fóònù àti owó ọkọ̀: ₦120,000
Oúnjẹ ọmọṣẹ́ kan: ₦180,000
Owó àtirọ́pò ẹ̀rọ ìjórin: ₦60,000
Owó àtirọ́pò jẹnẹrétọ̀: ₦150,000
Gíráńdà, wáyà, ìbọ̀wọ́ àti awò ojú: ₦90,000
Àpapọ̀: ₦840,000

Owó àtirọ́pò ẹ̀rọ ni ó yà á lẹ́nu. Ó ní, “Mo ti ra ẹ̀rọ náà tán, kí ni mo tún ń san?” A ní kí ó wo ó báyìí: ẹ̀rọ ìjórin tí a rà ní ₦300,000, tí yóò lo ọdún márùn-ún, ń jẹ ₦60,000 tán lọ́dún, bí taya ọkọ̀ ṣe ń jẹ. Jẹnẹrétọ̀ ₦600,000 tí yóò lo ọdún mẹ́rin ń jẹ ₦150,000. Bí a kò bá fi í kún iye iṣẹ́, ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kú ni a óò lọ yá owó èlé. Bí ẹ̀rọ bá sì ti wọ́n ju ìgbà tí a rà á lọ, iye tí a óò fi ra tuntun ni kí a kà, kì í ṣe iye tí a fi ra ti àtijọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò ka irin, ọ̀dà àti epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ èyí. Àwọn wọ̀nyẹn jẹ́ ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni a óò ti kà wọ́n. Ohun tí a bá kà lẹ́ẹ̀mejì yóò mú kí owó wa wọ́n láìnídìí, èyí tí a kò bá kà rárá yóò jẹ wá run.

Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ₦1,800,000 àti ₦240,000 àti ₦840,000. Ó jẹ́ ₦2,880,000. Iye tí ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ rí gbà fún iṣẹ́ ọwọ́ nìkan lọ́dún nìyẹn.

Ìpele kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni gbogbo wa máa ń fò: wákàtí mélòó ni a ń tà ní tòótọ́? Ní ilé-iṣẹ́, wọ́n ń sanwó fún wa nígbà tí a ń dúró de ohun èlò, wọ́n ń sanwó fún wa ní ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ Iléyá, wọ́n ń sanwó nígbà ìsinmi ọdún. Nínú ṣọ́ọ̀bù tiwa, kò sí ẹni tí yóò sanwó fún wákàtí tí a fi wá irin lọ sọ́jà.

A kò fẹ́ kí ó sọ ọ́ lórí. A ní kí ó ra ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ Mọ́ńdè dé Sátidé, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Ìyẹn jẹ́ wákàtí 192 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí ó mú ìwé náà padà wá, wákàtí 120 péré ni ó fi gé irin, tí ó fi jó o, tí ó fi kùn ún tàbí tí ó fi gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lò ó. Wákàtí 72 tí ó kù lọ báyìí: 22 fún ríra ohun èlò, 16 fún lílọ wo iṣẹ́ tí ìdajì wọn kò sì wá mọ́, 14 fún ìdúródé iná àti oníbàárà, 11 fún títún ẹ̀rọ ṣe, 9 fún sísin gbèsè. Nínú wákàtí 48 lọ́sẹ̀, 30 ni ó rí tà.

Ọ̀sẹ̀ mélòó ló wà lọ́dún? 52 ni. A yọ méjì fún ìsinmi, méjì fún gbogbo ọjọ́ ọdún tí ìjọba fún wa, àti ọ̀kan fún àìsàn, nítorí irin kọ́ ni a fi ṣe ara. Ó ku 47. Ọ̀sẹ̀ 47 ní ọ̀nà 30 jẹ́ wákàtí 1,410.

Ẹ wá pín ₦2,880,000 sí 1,410. Ó lé díẹ̀ ní ₦2,040. A gbé e sí ₦2,100 kí ìṣirò lè rọrùn, kí kọ́bọ̀ díẹ̀ sì wà fún ẹni tí ó jẹ wá lówó tí kò san.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ₦2,100! Ẹlẹgbẹ́ wa ti ń ta wákàtí rẹ̀ ní ₦1,000, ó rò pé òun ń jèrè. Kò sì sí ọ̀rọ̀ ọlá nínú ₦2,100 yìí. Ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni yóò fi wà. Kò sí owó àtifi mú ṣọ́ọ̀bù tóbi nínú rẹ̀. Òun ni ilẹ̀ tí a dúró lé. Bí a bá lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, inú kòtò ni.

Ẹ jẹ́ kí a tún géètì náà díyelé

Ẹni tí ó ti mọ iye wákàtí rẹ̀ lè wá dá iye lé odindi iṣẹ́. Kí ó má ṣe wo géètì náà lójú kan ṣoṣo kí ó ní “wákàtí 40”. Kí ó gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Gígé irin, wákàtí 10. Jíjó o pọ̀, 18. Lílọ̀ ọ́ àti dídán an, 8. Kíkùn ún, 6. Gbígbé e lọ àti fífi sí ojú òpó, 8. Ó di 50. Nígbà tí a bá gé iṣẹ́ wẹ́wẹ́ báyìí, ohun tí a gbàgbé máa ń yọjú. Ẹlẹgbẹ́ wa rántí nígbà náà pé òun kò ka ọ̀dà kíkùn mọ́ ọn rárá nígbà tí òun sọ pé 40.

Lẹ́yìn náà, a óò fi ti ohun tí ojú kò rí kún un. Fún iṣẹ́ tí a ti ṣe rí, a máa ń fi wákàtí kan kún márùn-ún. 50 di 60. Wákàtí 60 ní ₦2,100 jẹ́ ₦126,000. Ohun èlò jẹ́ ₦210,000, a fi ìdá 10 nínú 100 kún un nítorí ọjà tí kò dúró sójú kan, ó di ₦231,000. Epo, ₦9,000. Àpapọ̀ ₦366,000.

Bí iṣẹ́ náà bá tilẹ̀ lọ bí ó ti lọ, pẹ̀lú òpó tí ó wọ́ àti irin tí ó gbówó lórí, ₦135,000 ni ìbá kù fún wákàtí 58. Ìyẹn ju ₦2,300 lọ fún wákàtí kan. Àyè tí ó fi sílẹ̀ fún ohun tí ojú kò rí ni ìbá gbà á.

A mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ ń rò pé, “Ta ni yóò san ₦366,000 nígbà tí ẹlòmíràn ń gba ₦250,000?” Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Iye wákàtí wa kò lè fi ipá mú ọjà. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó sọ fún wa ibi tí a ti gbọ́dọ̀ dúró. Bí oníbàárà bá ní ₦300,000 ni òun ní, a kò ní yọ ọ́ nínú wákàtí wa. Inú iṣẹ́ ni a óò ti yọ ọ́: ẹ jẹ́ kí a fi irin tí ó fúyẹ́ díẹ̀ ṣe é, ẹ jẹ́ kí a yọ àwọn òdòdó tí wọ́n fẹ́ kí a jó mọ́ ọn, kí oníbàárà fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé e. Bí kò bá gbà, kí a jẹ́ kí ó lọ. Ẹni tí ó ń gbà á ní ₦250,000 ń jẹ owó ẹ̀rọ rẹ̀ ni, bí ẹlẹgbẹ́ wa ti ń jẹ tirẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí iye náà fi lè wálẹ̀ ni pé kí a dín wákàtí tí ó ń ṣòfò kù. Bí ẹlẹgbẹ́ wa bá lè ra ohun èlò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, tí ó sì ń gba owó díẹ̀ kí ó tó lọ wo iṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn, tí wákàtí tí ó ń tà fi di 36 lọ́sẹ̀, ₦2,880,000 yóò pín sí wákàtí 1,692. Iye wákàtí yóò wálẹ̀ sí bíi ₦1,700, ẹnikẹ́ni kò sì fi ebi pa ọmọ rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí a lè gba iṣẹ́ tí kò tó iye wa. Bí ọ̀sẹ̀ bá gbẹ pátápátá, iṣẹ́ tí ó bá san owó ohun èlò àti epo, tí ó sì fi nǹkan lé e, sàn ju ìjókòó lásán lọ. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé ohun tí a ń ṣe nìyẹn, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí irú rẹ̀ bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú oṣù kan, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí ó gbẹ mọ́, ṣọ́ọ̀bù ni ó ń kú.

Ìgbà wo ni kí a gba èwo?

Iṣẹ́ tí a ti ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, tí a wọ̀n tán, tí ojú wa rí gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbà á lódindi. Ibẹ̀ ni ọwọ́ tí ó yá ti ń jèrè. Bí a bá ra ẹ̀rọ tí ó ń gé irin tí iṣẹ́ wákàtí 10 fi di 6, nínú owó wákàtí, oníbàárà ni yóò jèrè rẹ̀, àwa tí a ra ẹ̀rọ ni owó wa yóò dín kù. Nínú owó odindi, èrè náà di tiwa.

Iṣẹ́ tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn, owó wákàtí ni kí a gbà. Ṣáásí ọkọ̀ tí ó ti jẹrà lábẹ́ ọ̀dà, ẹ̀rọ tí ó ń ké tí a kò mọ ibi tí ó ti ń ké, àtúnṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti bàjẹ́: ẹni tí ó bá dá iye lé irú èyí lódindi, tẹ́tẹ́ ni ó ta. Bákan náà ni iṣẹ́ oníbàárà tí ọkàn rẹ̀ kò dúró sójú kan, tí ó ń wí pé pupa lónìí, tí yóò wí pé búlúù lọ́la.

Ṣùgbọ́n oníbàárà ń bẹ̀rù owó wákàtí, ó sì ní ìdí. Ó rò pé a óò máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ohun tí ó máa ń tán ọ̀ràn yìí ni kí a pín in: kí a gba owó odindi kékeré kan láti tú ṣáásí náà wò, lẹ́yìn èyí, kí a máa gba owó wákàtí, kí a sì ṣèlérí pé bí ó bá ti pé wákàtí 20, a óò dúró, a óò pè é kí ó wá fojú ara rẹ̀ rí i kí a tó tẹ̀ síwájú. Awakọ̀ tí ó ń gba owó tíríìpù lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà: ₦40,000 fún ọjọ́ méjì, iye kan pàtó fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá fi dúró lórí ìlà lẹ́yìn náà. Kí wọ́n sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí, nítorí lẹ́yìn ìdúró, ẹ̀bẹ̀ ni ó máa ń dà.

Nínú iṣẹ́ odindi, gbólóhùn mẹ́ta ni kí ó wà lórí ìwé tí a fún oníbàárà. Èkíní: iye yìí dúró fún ọjọ́ méje, bí owó ohun èlò kò bá wọlé kí ó tó pé, a óò tún un ṣírò. Èkejì: ohun tí iye yìí wà fún ni èyí àti èyí, géètì onílẹ̀kùn méjì, kò sí ilẹ̀kùn kékeré. Ẹ̀kẹta: ohunkóhun tí a bá fi kún un, owó wákàtí ni a óò gbà, iye wákàtí kan sì ni èyí. Bí gbólóhùn kejì àti ẹ̀kẹta bá wà nínú ìwé ẹlẹgbẹ́ wa, ilẹ̀kùn kékeré yẹn ìbá mú owó wá dípò kí ó jẹ owó.

Báwo ni a óò ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ odindi ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa? Kí a má dúró di ìparí. Ní ọjọ́ tí a bá ti lo ìdajì wákàtí tí a kà, kí a dúró kí a wo iṣẹ́ náà. Bí kò bá tíì dé ìdajì, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti oníbàárà, ọjọ́ yẹn ni kí a sọ fún un, nígbà tí géètì ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Bí ó bá sì jẹ́ tiwa, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé e má baà san irú owó ẹ̀kọ́ kan náà.

Gbogbo iye tí a pè yìí jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹ má ṣe mú ₦2,100 lọ sílé bí ẹni mú oògùn. Télọ̀ kò ní jẹnẹrétọ̀ ńlá, rẹwáyà kò háyà ṣọ́ọ̀bù, mẹkáníìkì lè ní ọmọṣẹ́ mẹ́ta. Ọ̀nà ìṣirò ni kí ẹ mú lọ. Kí ẹ sì tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nítorí àwa tí a rí bí owó epo ṣe fò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 mọ̀ pé iye tí ó tó lánàá lè di ẹ̀tàn lónìí.

Ẹlẹgbẹ́ wa ti ń lo iye rẹ̀ tuntun báyìí. Ó pàdánù oníbàárà méjì ní oṣù kìíní. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìwé kékeré náà kò sì kúrò nínú àpò rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a jọ jókòó ti ìṣirò tirẹ̀, kí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, kí ó mú un wá lẹ́yìn ìpàdé tí ń bọ̀. Kí ó mú pẹ́ńsù tirẹ̀ dání o.